Ínsúlínì Wo Ni Kí Ẹ Rà? Ìfiwéra Àwọn Oríṣi Rẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Fa Méjì Sínú Sìrínjì Kan

Bí dókítà bá kọ ínsúlínì méjì sínú ìwé oògùn yín, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà rà á. Ẹ lè ra ìgò méjì, ọ̀kan tó mọ́ gaara àti ọ̀kan tó funfun bí omi ògì, kí ẹ máa fà wọ́n pọ̀ fúnra yín. Ẹ lè ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì lè ra àwọn tuntun tí wọ́n sábà máa ń wà nínú péènì, tí owó wọn ga jù. Àkókò ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

| Oríṣi | Orúkọ lára páálí | Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ | Agbára rẹ̀ ga jù | Ó tán lára |
|---|---|---|---|---|
| Ayára | NovoRapid, Humalog, Apidra | ìṣẹ́jú 10–15 | wákàtí 1–2 | wákàtí 3–5 |
| Gaara | Actrapid, Humulin R | ìṣẹ́jú 30 | wákàtí 2–4 | wákàtí 5–8 |
| Funfun | Insulatard, Humulin N | wákàtí 1–2 | wákàtí 4–12 | wákàtí 12–18 |
| Alápòpọ̀ | Mixtard 30, Humulin 70/30 | ìṣẹ́jú 30 | wákàtí 2–8 | ó lè tó wákàtí 24 |
| Ọlọ́jọ́ pípẹ́ | Lantus | wákàtí 1–4 | kò ní ìgbà tó ga gan-an | nǹkan bíi wákàtí 24 |

Iye yìí máa ń yí díẹ̀ láti ara ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Ibi tí a gún un sí náà ń yí i: ikùn máa ń yára ju itan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnì kan tí dókítà ní kó máa gba gaara 8 àti funfun 14 láràárọ̀, àpapọ̀ yúníìtì 22. Ó gún un ní aago 6:30, ó jẹun ní 7:00, nítorí gaara nílò ìdajì wákàtí kó tó jí. Gaara yìí lágbára jù láàárín 8:30 sí 10:30, ó sì mójú tó oúnjẹ àárọ̀. Funfun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti nǹkan bíi 10:30, ó sì lè lágbára títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba funfun láàárọ̀ kò fi gbọ́dọ̀ fo oúnjẹ ọ̀sán. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá dá a dúró di aago méjì láìjẹun, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má já gaara mọ́. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 70 mg/dL, kó po ṣíbí ìpotíì mẹ́ta ṣúgà sínú omi, kó mu ún, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kó tó wá jẹun. Bí kò bá mọ nǹkan tó ń ṣe mọ́, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu; ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí ló dé tí ẹni yìí kò kàn ra Mixtard 30? Nínú yúníìtì mẹ́wàá rẹ̀, mẹ́ta ni gaara, méje ni funfun, ẹ kò sì lè yà wọ́n. Yúníìtì 22 rẹ̀ á fún un ní gaara tí kò pé 7 àti funfun tó lé ní 15. Kó tó lè rí gaara 8 gbà, yóò gún tó 27, funfun á sì gòkè dé 19, ṣúgà ọ̀sán á wálẹ̀ jù. Torí náà, ẹni tí dókítà rẹ̀ máa ń yí gaara rẹ̀ sókè sódò ló yẹ kó ra ìgò méjì. Ẹni tí iye tirẹ̀ kì í yí, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, alápòpọ̀ ló dára fún un jù, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Sìrínjì náà ṣe pàtàkì bí oògùn. Lára ìgò, ẹ wá U-100, ìyẹn yúníìtì 100 nínú mílílítà kan. Lára sìrínjì náà, ẹ wá U-100. Fún yúníìtì 22, ẹ ra èyí tó gba 50, nítorí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ yúníìtì kan. Lára èyí tó gba 100, ìlà kan sábà máa ń jẹ́ méjì. Ẹ má fọwọ́ kan U-40, tí ìdérí rẹ̀ sábà máa ń pupa: bí ẹ bá fa ínsúlínì U-100 dé ìlà 22 rẹ̀, yúníìtì 55 lẹ fà yẹn.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń fà á. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ yí ìgò funfun láàárín àtẹ́lẹwọ́ ní ìgbà 10 sí 20 títí yóò fi funfun dọ́gba. Ẹ má mì í kíkankíkan, ìfófòó ni yóò mú wá. Bí ẹ kò bá yí i, òkè rẹ̀ á ṣàn bí omi, agbára á jókòó sísàlẹ̀, iye tí ẹ ń gún lónìí kò sì ní jọ ti ọ̀la. Ẹ fi sípíríìtì nu rọ́bà orí ìgò méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ 14, ẹ tì í sínú ìgò funfun tó dúró lórí tábìlì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ kan oògùn, ẹ yọ ọ́ láìfa nǹkan kan. Ẹ fa afẹ́fẹ́ 8, ẹ tì í sínú gaara, ẹ dojú ìgò náà dé, ẹ fa gaara dé 8 gééré. Bí afẹ́fẹ́ róbótó bá há, ẹ fi ìka ta sìrínjì, ẹ tì í padà sínú ìgò, ẹ tún fà á dé 8. Ibí yìí ni kí ẹ ti yanjú rẹ̀, torí bí funfun bá ti wọlé, ẹ kò ní mọ èwo ni afẹ́fẹ́ náà gba àyè rẹ̀. Ẹ wá dojú ìgò funfun dé, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láìtì ọ̀pá inú sìrínjì, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ dé 22. Ẹ gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fà á kọjá sí 24, ẹ má tì í padà, nítorí gaara yóò wọ inú ìgò funfun. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí afẹ́fẹ́. Gaara ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nítorí pé prótámíìnì wà nínú funfun, òun ló ń mú kó lọ́ra. Bí ó bá kán sínú ìgò gaara, yóò di gaara náà mú, kò ní yára mọ́. Ìgò gaara tó bá ti ṣú bí ìkùukùu, ẹ sọ ọ́ nù.

Lantus ni kí ẹ ṣọ́ jù. Òun náà mọ́ gaara bí Actrapid, ṣùgbọ́n kíkan ni omi rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bá ínsúlínì mìíràn wọ sìrínjì kan. Levemir àti Tresiba, tí àwọn náà jẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò gbọ́dọ̀ bá òmíràn pọ̀ bákan náà. Ayára lè bá Insulatard pọ̀, bí ẹ bá máa gún un lójú ẹsẹ̀.

Ní ilé oògùn, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí iná bá lọ, torí ìgò tí a kò tíì ṣí nílò òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa ṣá. Funfun tó ṣù, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò bíi yìnyín, ẹ dá a padà. Èyí tó ti dì rí kò wúlò mọ́, kódà lẹ́yìn tó bá yọ́. Ìgò tí ẹ ti ṣí, ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ ìwé inú páálí ló lọ́rọ̀ ìkẹyìn. Bí Lantus àti Actrapid bá jọ wà nínú fíríìjì kan, ẹ so rọ́bà mọ́ ọrùn ọ̀kan, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lóru.