Ìlà iṣẹ́ mi ṣófo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wà nílẹ̀: oṣù 8 mi pẹ̀lú ètò ìpín-iṣẹ́ kan

Ó ti pé oṣù 8 báyìí tí mo ti ń lo ètò ìpín-iṣẹ́ kan láti dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Oníbàárà kọ̀wé ránṣẹ́, ètò náà sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì, ó fún un ní nọ́ńbà, ó sì tò ó sórí ìlà ẹni tó yẹ kó dáhùn. Ọ̀rọ̀ "ẹni tó yẹ" yẹn gan-an ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí, torí pé odidi oṣù 2 ni mo fi lò ó láìmọ ohun tó fi ń pinnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì 4 péré ló wà lórí ìlà mi. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí ní 19. Mo parí tèmi, ojú kọ̀ǹpútà mi sì sọ pé kò sí iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì rójú mu omi. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, mo rò pé ọ̀gá wa ni kò fọkàn tán mi. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n ka nọ́ńbà 2 fún mi nínú tiwọn, kí n wò ó bóyá mo lè bá wọn gbé e. Wọ́n pe 4471 àti 4502.

Mo tẹ 4471 sínú àpótí ìwákiri. Ó jáde! Mo ṣí i, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀: oníbàárà kan fi èdè Faransé bèèrè pé kí wọ́n dá owó òun padà. Mo gbọ́ Faransé dáadáa. Mo wá tẹ 4502, kò sí ohun tó jáde. Ẹ̀gbọ́n fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo tẹ̀ ẹ́, ètò náà ní n kò láṣẹ láti wo ojú ìwé náà. Tíkẹ́ẹ̀tì 2 ni kò sí lórí ìlà mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó dí ọ̀kan kọ́ ló dí ìkejì.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tó kọ sí orúkọ mi." Wọ́n ṣí i, wọ́n sì ṣàlàyé.

4502 ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Oníbàárà tó kọ ọ́ fi àwòrán ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò ju ènìyàn 4 lọ ni wọ́n sì yọ̀ǹda fún láti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. N kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà lójú tèmi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò sí láyé. Bí wọ́n bá kó gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe, tó wà nínú ètò náà sí orúkọ mi, n kò ní rí i síbẹ̀, torí pé àṣẹ ni ètò náà ń yẹ̀ wò kó tó kan ìmọ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ìwé ìdánimọ̀ oníbàárà kì í ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣí.

4471 ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lè ṣí i. Ìmọ̀ tó so mọ́ ọn ni n kò ní pé. Ìmọ̀ 2 ni ètò náà lẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà tó wọlé: èdè Faransé, àti ìdápadà owó ní ìpele 3. Mo ní Faransé. Mo ní ìdápadà owó pẹ̀lú, àmọ́ ìpele 2 ni wọ́n kọ sí tèmi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó padà síbẹ̀. Ẹni tó bá ní méjèèjì pé pérépéré nìkan ni iṣẹ́ náà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣíṣe ìdajì kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá sọ tèmi di 3 lójú mi. Mo padà sórí àga, mo dúró, 4471 kò wá. Ìṣẹ́jú 10 kọjá. A ti fẹ́ máa rò pé ètò náà ti bàjẹ́ kí a tó rí i pé ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọlé ló máa ń wo ẹni tó yẹ. Àyípadà tí wọ́n ṣe sí orúkọ mi kan àwọn tó ń bọ̀, kò kan èyí tó ti wà lórí ìlà ẹlòmíràn. Ọwọ́ ni ọ̀gá fi gbé 4471 wá sọ́dọ̀ mi. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra wọn.

Ọgbọ́n tí mo ń lò nìyẹn títí dòní. Bí iṣẹ́ kan kò bá sí lórí ìlà yín, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rí i, kí ẹ wá a. Bó bá ṣí, ẹ lọ bèèrè ìmọ̀ tó so mọ́ ọn. Bó bá kọ̀ láti ṣí, ẹ bèèrè ẹgbẹ́ tó ni í. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ṣá pé ẹ kò fi àmì "mi ò sí nídìí iṣẹ́" sílẹ̀, àti pé iṣẹ́ tí ẹ ṣí sílẹ̀ kò tíì kún iye tí wọ́n fún yín. Ìwọ̀nyẹn náà máa ń dí ìlà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ètò yìí kò kàn mí tààrà. Oníbàárà kan kọ̀wé sí wa ní Yorùbá láìfi àmì ohùn kankan sí i, ó kúrú gan-an: "Owo mi da". Ètò náà ṣi èdè rẹ̀ mú, ó lẹ ìmọ̀ èdè kan mọ́ ọn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó yẹ, nítorí náà kò sí lórí ìlà ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 2 ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ń dúró de owó rẹ̀, ìlà tiwa sì ń sọ pé kò sí iṣẹ́. Ìgbà tó pè lórí fóònù la tó mọ̀, inú mi kò sì dùn rárá nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn níbi tó wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ṣe ohun 2. Wọ́n ní kí ètò náà ju ìmọ̀ èdè sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá láìrí ẹni tó ní in. Salesforce àti Zendesk náà ní irú èyí, nítorí náà bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti tan án. Àṣẹ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó ní. Èkejì ni pé wọ́n ṣí ìlà kan tí gbogbo iṣẹ́ tí kò rí ẹni tó yẹ máa ń wà.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ó ń pín iṣẹ́ dáadáa, ó sì ń pa àṣírí oníbàárà mọ́. Mo yọ 2 nítorí pé kì í sọ ìdí. Gbólóhùn kan péré lábẹ́ "kò sí iṣẹ́", pé iṣẹ́ mélòó kan wà tí ìmọ̀ yín kò kún, ìbá ti gbà mí lọ́wọ́ oṣù 2. Ní báyìí, ní aago 8 àárọ̀ àti aago 2 ọ̀sán, ẹnìkan nínú wa máa ń ṣí ìlà iṣẹ́ tí kò rí ẹni tó yẹ yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì 3 la bá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Yorùbá tí kò ní àmì sì ni 2 nínú wọn.