Táìlì mílíọ̀nù kan, oníṣòwò méjì: èwo nínú àwìn wọn ló wọ́n jù?

Ká ní táìlì mílíọ̀nù kan náírà lẹ fẹ́ rà ní Dei-Dei, l'Ábújá, tí oníṣòwò méjì sì ń tà á ní iye kan náà. Lórí ínfọ́ìsì ẹni àkọ́kọ́, ẹ máa rí 2/10 net 30. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá san láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí ẹ̀dínwó náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí gbogbo owó pé ní ọjọ́ ọgbọ̀n. 1/10 net 45 ni ti ẹnì kejì.

Lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ₦980,000 ni ojúlówó iye ọjà náà. ₦20,000 tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ èlé tí ẹ ń san kí owó lè wà lọ́wọ́ yín fún ogún ọjọ́ sí i. Ibí yìí ni ìṣirò ti sábà máa ń yà bàrá: àwọn kan á ka ọgbọ̀n ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gba ẹ̀dínwó pàápàá ṣì jẹ ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

```
20,000 / 980,000 = 2.04%
365 / 20 = 18.25
2.04% × 18.25 = 37.2% lọ́dún
```

Bí báńkì yín bá ń gba 32% lọ́dún, ẹ yá ₦980,000 kí ẹ san án ní ọjọ́ kẹwàá. Èlé ogún ọjọ́ á jẹ́ ₦17,184, ẹ ó sì jèrè ₦2,816. Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi báńkì léèrè owó ìwé. Bó bá jẹ́ 1% péré, ₦9,800 nìyẹn, èrè ti wọmi.

Ẹ̀dínwó ẹnì kejì kò tó nǹkan: 10,000 / 990,000 × 365 / 35, ìyẹn 10.5% lọ́dún. Ẹ má yáwó nítorí rẹ̀; ẹ dúró di ọjọ́ karùndínláàádọ́ta.

Ohun tó yẹ kí olùrà wò gan-an ni ọ̀nà tó dára jù lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦980,000 ní ọjọ́ kẹwàá, tàbí ₦1,000,000 ní ọjọ́ karùndínláàádọ́ta. ₦20,000 náà ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti di ti ọjọ́ márùndínlógójì, nítorí náà 21.3% lọ́dún ni. Ẹni tó máa yáwó ní 32% á san èlé ₦30,071 láti fi gba ₦20,000. Kó ra ti ẹnì kejì. Ẹni tí owó tirẹ̀ wà nílẹ̀, tí kò lè mú 21.3% wọlé lọ́dún níbòmíràn, kó ra ti ẹni àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó mú ẹni àkọ́kọ́, ẹ bi í ọjọ́ tí wọ́n ti ń kà. Bí ínfọ́ìsì bá jẹ́ ti ọjọ́ kẹta oṣù, tí ọkọ̀ sì gbé táìlì dé láti Ajaokuta ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, nítorí ọjọ́ kẹtàlá ni ẹ̀dínwó parí. Ẹ ní kó kọ ọ́ sórí ínfọ́ìsì pé ọjọ́ tí ọjà dé ni wọ́n máa kà, kí ẹ sì fi owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí ọjọ́ tí owó bá wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ ni yóò wò.