Háíláìtì Instagram: ohun tí mo rí nígbà tí mi ò fẹ́ kí ẹnì kan rí ọ̀kan nínú wọn

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo háíláìtì lórí Instagram, àwọn róbótó kéékèèké tó máa ń tò sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìfira-ẹni-hàn ní òkè prófáìlì. Káfíńtà ni mí, ibẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà ti ń wo iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tètè mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì dùn mí pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni sítórì, fọ́tò tàbí fídíò tó máa ń lọ fúnra rẹ̀, dé orí Instagram, wákàtí 24 péré ló sì ń lò kó tó kúrò lójú àwọn èèyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n mú háíláìtì dé, òun àti ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní "Archive" ló jọ wọlé. Ìpamọ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn sí. Bí wákàtí 24 bá pé, inú rẹ̀ ni sítórì máa ń lọ, ìwọ nìkan ló sì lè rí i níbẹ̀. Fèrèsé lásán ni háíláìtì, tí a ṣí sára yàrá yẹn kí àwọn ará ìta lè yọjú wo díẹ̀ nínú ẹrù tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí o bá yọ fọ́tò kan kúrò nínú háíláìtì, tàbí tí o pa gbogbo háíláìtì náà rẹ́, fọ́tò ṣì wà nínú "Archive". Ṣùgbọ́n bí o bá pa á rẹ́ nínú "Archive" fúnra rẹ̀, kò sí i nínú háíláìtì mọ́. Kí o sì rí i dájú pé "Save story to archive" wà ní títàn nínú ètò Instagram rẹ, torí bí ó bá kú, sítórì tí o kò tètè fi sí háíláìtì kí wákàtí rẹ̀ tó pé ti lọ nìyẹn.

Ṣíṣe é kò le rárá: tẹ róbótó tí wọ́n kọ "New" sí lábẹ́ prófáìlì, mú àwọn sítórì tí o fẹ́, fún un ní orúkọ, ó parí.

Ní ọdún kan, ẹsẹ̀ mi kán. Mo jókòó sílé fún oṣù méjì, mo sì ń fi sítórì síta lójoojúmọ́: ojú ọgbẹ́, bí mo ṣe ń kọ́ ìrìn pẹ̀lú ọ̀pá, ọjọ́ tí ìrora mú mi sunkún. Àwọn tó fẹ́ràn mi ló ń gbà mí níyànjú, èyí ló jẹ́ kí n kó 23 nínú wọn jọ sínú háíláìtì kan tí mo pè ní "Ẹsẹ̀ mi". Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èyí tí mo pè ní "Àga àti tábìlì" wà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà nínú ìyẹn.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe àga méjìlá fi bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹsẹ̀ yín á lè gba ìdúró ọjọ́ púpọ̀?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí, kò ní èrò burúkú kankan. Síbẹ̀, ó gún mi lọ́kàn. Ó ti wo gbogbo ẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, mi ò sì lè mọ̀, torí pé wákàtí 48 lẹ́yìn tí sítórì bá jáde ni orúkọ àwọn tó wò ó fi ń hàn sí ẹni tó ni ín. Ti ọdún tó kọjá ti kúrò nínú ìyẹn tipẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wọ ètò, mo tẹ "Hide story and live", mo sì mú orúkọ rẹ̀, kó má baà rí ti ẹsẹ̀ mi mọ́. Èèyàn tún lè lọ sí prófáìlì ẹni náà, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kó mú "Hide your story" níbẹ̀. Wọn kì í fi tó ẹni tí a fi pamọ́ fún létí, kò sì dà bíi kí a dènà rẹ̀ pátápátá: ó ṣì ń rí àwọn fọ́tò tí a fi sí prófáìlì, ó ṣì lè kọ̀wé sí wa.

Ọjọ́ kẹta ni oníbàárà náà kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn àga tí ẹ máa ń kó jọ sókè yẹn dà? Mi ò rí wọn mọ́." Mo gba fóònù àbúrò mi, mo fi í pamọ́ fún òun náà, mo sì fi ojú rẹ̀ wo prófáìlì mi. Kò sí róbótó kan. "Àga àti tábìlì" ti bá "Ẹsẹ̀ mi" lọ.

Èèyàn ni ètò yẹn ń mú, kì í mú háíláìtì. Ẹni tí o bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kò ní rí sítórì tuntun, kò ní rí háíláìtì kankan. Bọ́tìnnì tí o lè fi sọ pé kí lágbájá má rí èyí, kí ó rí ìyẹn, kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni "Close Friends", orúkọ àwọn tí a yàn pé kí wọ́n nìkan rí sítórì kan, ìgbà tí a ń fi sítórì síta sì ni a ń mú un, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo yọ oníbàárà náà àti àbúrò mi kúrò nínú àwọn tí mo fi pamọ́ fún, mo sì pa háíláìtì ẹsẹ̀ rẹ́. Mo kọ orúkọ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ méjìlá sínú "Close Friends", mo wá padà sínú "Archive", mo mú mẹ́sàn-án nínú àwọn 23 náà, mo sì tún wọn fi síta fún àwọn méjìlá yẹn nìkan. Èyí tó pẹ́ jù ni mo fi ṣáájú, torí pé ọjọ́ tí sítórì jáde ni háíláìtì fi ń tò wọ́n; bí o bá dà á rú, ìtàn rẹ á máa ti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Lẹ́yìn náà ni mo kó wọn jọ sí "Ẹsẹ̀ mi" tuntun.

Mo tún gbà fóònù àbúrò mi, tí mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sínú àwọn méjìlá náà: "Àga àti tábìlì" nìkan ló hàn. Mo gba ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin: méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ má da sítórì gbogbo ayé pọ̀ mọ́ ti "Close Friends" nínú róbótó kan náà, torí àwọn ará ìta á máa rí èyí tó jẹ́ ti gbogbo ayé, orúkọ háíláìtì náà á sì hàn sí wọn.

Fífi sítórì pamọ́ fún ẹnì kan kò dára tó báyìí bí prófáìlì rẹ bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé bíi tèmi, torí ákáúǹtì lo dènà, kì í ṣe èèyàn. Bó bá ní ákáúǹtì kejì, ó ti wọlé. Àwọn méjìlá náà sì lè ya fọ́tò ojú fóònù wọn láìjẹ́ pé a sọ fún mi. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ojú ọgbẹ́ fi wà nínú "Archive" títí di òní, tí mi ò kó o mọ́ àwọn mẹ́sàn-án.

Oníbàárà mi ti gba àga méjìlá rẹ̀.