Ìkìlọ̀: Owó gegere ni mo san, tádì pátì ni wọ́n tà fún mi

Ẹ̀yin onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí tán kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni lórí inṣọ́ránsì ọkọ̀. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ fi mí rẹ́rìn-ín ju kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún yín lọ.

Nígbà tí ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 àwọn yóò máa dá ọkọ̀ tí kò ní inṣọ́ránsì dúró, gbogbo wa la sáré kiri. Èmi náà tọ arákùnrin kan lọ nítòsí ọ́fíìsì láísẹ́nsì n'Íbàdàn, ẹni tó máa ń bá àwọn ènìyàn ṣe pátíkúlásì. Mo sọ fún un kedere pé kọmpirẹhẹ́nsíìfù ni mo fẹ́. Kedere! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá kọlu ògiri, wọ́n á tún un ṣe. Bí olè bá jí i, wọ́n á ra òmíràn fún yín.” Ó ní ₦85,000 ni. Àkáǹtì ara rẹ̀ ni mo san án sí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé sátífíkéètì wá, ó ní kí n fi sínú mọ́tò, mo sì fi í síbẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ọdún yípo ni òjò bá mi ní Mókọ́lá. Mo tẹ búréèkì, ọkọ̀ kò dúró, mo lọ wọ ẹ̀yìn jíìpù kan. Bónẹ́ẹ̀tì mi ká sókè, rédíétọ̀ fọ́, iná iwájú méjèèjì lọ. Onjíìpù sọ̀kalẹ̀, ó ń pariwo. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lójú gbogbo èrò tó pé jọ: “Bọ̀dá, ẹ má pariwo rárá. Kọmpirẹhẹ́nsíìfù ni mo ní. Ọkọ̀ tiyín, ọkọ̀ tèmi, wọ́n á san gbogbo rẹ̀.” Mo tún ń fi ọwọ́ gbá àyà. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi á kàn máa bù máṣọ.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí sátífíkéètì, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà mi, ó wò mí, ó tún un tẹ̀. Ó ní, “Dádì, tádì pátì ni ẹ ní níbí. ₦15,000 ló wọlé sọ́dọ̀ wa.” Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú o! Ojúlówó ni. ₦70,000 tó kù, àpò olè yẹn ló wà. Ilé iṣẹ́ náà san ₦740,000 fún onjíìpù láti fi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Èmi tó ni inṣọ́ránsì ni mo fi ₦1,150,000 tèmi tún mọ́tò mi ṣe. Ẹni tí mo kọlù ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri, èmi wà nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa.

Ohun tí tádì pátì jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ ṣe ní jàǹbá ló wà fún. Bí o bá ṣe ẹni kan léṣe tàbí tí ẹ̀mí lọ, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ló máa dáhùn sí owó gbà-má-bínú. Bí ó bá jẹ́ dúkìá ni o bà jẹ́, bí ọkọ̀ tàbí ògiri, ₦3,000,000 ni wọ́n lè san mọ lórí ọkọ̀ aládàáni. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ti fi owó rẹ̀ sí ₦15,000 fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ló ní kí gbogbo wa ní in. Àmọ́ bí mọ́tò tìrẹ bá fọ́, bó bá jóná, bí wọ́n bá jí i gbé, kò kàn wọ́n. Kọmpirẹhẹ́nsíìfù ló ń ṣe ti ẹlòmíràn, tó tún ń ṣe tìrẹ.

Ẹ wá wo ibi tí ó ti yẹ kí n ti fura. NAICOM kan náà ló ní owó kọmpirẹhẹ́nsíìfù kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já owó fún ọ. Ìyẹn ni kọ́bọ̀ márùn-ún lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀rólà mi tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Ṣé ẹ rí i? ₦300,000 ló yẹ kó jẹ́, ó kéré tán. ₦85,000 kò lè jẹ́ kọmpirẹhẹ́nsíìfù láéláé! Mo kàwé, mo mọ ìṣirò, síbẹ̀ mo ń yọ̀ pé mo rí ọjà pọ́ọ́kú. Àmọ́ ta ló ń sọ òfin wọ̀nyí fún wa? Ṣé èmi ni mo ní kí arákùnrin yẹn purọ́ ni? Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dá owó mi padà, ó ní mo gbọ́ òun ṣì. Gbọ́ ṣì! Gbogbo wọn nídìí ọ́fíìsì yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mi ò sọ pé tádì pátì burú o. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti gbó, tí kò ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, tí o sì mọ̀ pé bó bá bàjẹ́ o lè fara dà á, ra tádì pátì kí o lọ jókòó. Ẹni tó fi owó yíyá ra ọkọ̀, tàbí ẹni tó jẹ́ pé bí mọ́tò náà bá lọ, kò ní rí owó òmíràn, kí ó wá owó kọmpirẹhẹ́nsíìfù. Ọ̀kan wà láàárín tí wọ́n fi iná àti olè kún tádì pátì: ó dára fún ẹni tó ń gbé mọ́tò sun ìta, àmọ́ kò ní tún bónẹ́ẹ̀tì ṣe fún ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ gbé èrò lórí áàpù, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlò ara yín ni, wọ́n lè kọ̀ láti san nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀.

Kíá kíá: àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ènìyàn. Ẹ lọ sí askniid.org tàbí kí ẹ tẹ *565*11# láti mọ̀ bóyá ìwé náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tèmi náà wà lóòótọ́, kò sì gbà mí, nítorí náà ẹ béèrè ìwé àdéhùn gan-an, kì í ṣe sátífíkéètì nìkan, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye ọkọ̀ yín sí. Bí kò bá sí iye ọkọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe kọmpirẹhẹ́nsíìfù. Ẹ béèrè bóyá àgbàrá òjò àti rògbòdìyàn wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un. Ẹ má sì torí kí owó lè dínkù kọ mílíọ̀nù mẹ́ta fún ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́fà: bí àtúnṣe bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ìdajì ni wọ́n máa fún yín, wọ́n á ní ìdajì ọkọ̀ lẹ wá fi síkàáwọ́ àwọn.