Ìkìlọ̀: Ẹ má fi pátákó inú fọ́tò gba ọlọ́jà gbọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí ọlọ́jà kan bá fi fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ fẹ fọ́tò náà tóbi kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́ǹsì kámẹ́rà ni mo fẹ́ rà. Ọkùnrin náà fi fọ́tò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ hàn mí: pátákó irin àtijọ́, ọ̀dà tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára rẹ̀. Mo sanwó. Lẹ́ǹsì kò dé, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Nígbà tí mo wá fọ́tò náà kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí ojúlówó rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára pátákó.

Ó dùn mí gan-an, nítorí iṣẹ́ títún fọ́tò ṣe ni mò ń ṣe jẹun.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti ya pátákó náà: apá òsì súnmọ́ kámẹ́rà, apá ọ̀tún jìnnà. Ohun tó bá ń jìnnà sí wa máa ń kéré lójú, ní gíga àti ní fífẹ̀, àlàfo àárín lẹ́tà náà á sì máa há sí i. Gíga nìkan ni ọkùnrin yìí rántí. Ó tẹ orí àti ẹsẹ̀ orúkọ tó fi síbẹ̀ wọlé títí ó fi bá etí pátákó mu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, lẹ́tà A tó gbẹ̀yìn fẹ̀ tó A àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Àwọn A yẹn gan-an tún tú u fó. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ pátákó náà, ọwọ́ ènìyàn kì í sì í kọ lẹ́tà méjì kí wọ́n rí bákan náà délẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ọ̀dà tó bó ní ẹsẹ̀ òsì, ibì kan náà, ìrísí kan náà. Ara orúkọ àtijọ́ ló ti gé A kan, kí ìkọ̀wé má baà yàtọ̀, ló bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni ìpẹtà. Omi òjò ti wọ́ ọ láti ara ìṣó òkè wá sísàlẹ̀. Ó yẹ kó gba orí lẹ́tà kọjá, nítorí ọ̀dà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nínú fọ́tò yìí, ó pin sí etí òkè lẹ́tà, ó sì tún yọ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọṣẹ́ lè ṣe gbogbo èyí láìní àbùkù, fọ́tò tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ léraléra kì í hàn kedere tó láti yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó rìn láti ojú títì wọ inú ṣọ́ọ̀bù, kí kámẹ́rà má kúrò lára pátákó títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ń ṣàwáwí, ẹ má sanwó.

Mo ti kàn sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kò mọ̀ rárá pé wọ́n ń fi pátákó òun gba owó lọ́wọ́ èèyàn.