Júpítà tàbí Sátọ̀n nínú ilé kọkànlá?

Nínú ilé méjìlá tí àwọn awòràwọ̀ ń pín ojú ọ̀run sí nígbà ìbí ẹni, àwọn ti Gíríìkì àtijọ́ pe ìkọkànlá ní ilé Ẹ̀mí Rere. Ibẹ̀ ni wọ́n ní inú Júpítà ti ń dùn jù. Wọ́n ní ẹni tó bá ní in níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, ẹgbẹ́ á sì fẹ́ fi í ṣe alága. Àmọ́ ìlérí rẹ̀ máa ń ju agbára rẹ̀ lọ.

Ti àwọn tó ní Sátọ̀n níbẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ kò pọ̀, ìrètí ń pẹ́. Akápò ni èmi máa fi irú wọn ṣe, pàápàá bí àmì ìràwọ̀ Éríìsì bá ń yọ ní ìlà-oòrùn nígbà ìbí wọn, tí Sátọ̀n sì wà ní Ákúéríọ́sì, àmì tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìyá wọn ní aago ìbí: àṣìṣe wákàtí 2 péré lè gbé Sátọ̀n kúrò nínú ilé kọkànlá.