Ohùn àpérò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́: ta ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún ní Ìkòròdú?

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Alága á pè yín lálẹ́ pé, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní àpérò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi sínú ìwé ìròyìn oṣù yìí." Fídíò ti wà lórí fóònù, àyè tó kù nínú ìwé ìròyìn kò ju ìdajì ojú ìwé lọ, ẹ kò sì ráyè jókòó tì í. Ó di kí ẹ wá ẹni tí ẹ óò sanwó fún.

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ olùkọ́ kan ni èmi ń tò, oríṣi ẹni mẹ́ta ni mo sì ti gbéṣẹ́ fún. Àkọ́kọ́ ni atẹ̀wé, àwọn tó kúnnú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àti fọ́tókọ́pì lọ́nà Ṣábọ̀. Gbogbo ohun tí olùsọ̀rọ̀ bá sọ ni wọ́n máa tẹ̀, iye ojú ìwé ni wọ́n sì fi ń gbowó. Èkejì ni ẹni tó máa ń kọ ìròyìn òde fún àwọn ẹgbẹ́. Yóò gbọ́ díẹ̀, yóò kọ ọ́ kó dùn, owó kan ṣoṣo ni yóò pè. Ẹ̀kẹta ni mo ń pè ní atúdìí-ọ̀rọ̀: ẹni tó máa wá ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní ká gbà jáde, tí yóò sì so ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó wúlò sí. Iye ìṣẹ́jú tí ohùn náà jẹ́ ni tiwọn fi ń gbowó, òun ló sì wọ́n jù.

Ohùn kan náà ni mo fi dán wọn wò. Bí ẹ bá tẹ `The danger of a single story` sórí fóònù yín, ẹ óò rí i. Chimamanda Ngozi Adichie ló sọ ọ́ ní àpérò TED ní ìlú Ọ́ksífọ́ọ̀dù, oṣù keje ọdún 2009, kò sì ju bí ìṣẹ́jú 18 lé díẹ̀ lọ. Mo yàn án nítorí pé ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, àti nítorí pé ọ̀fìn wà nínú rẹ̀.

Ọ̀fìn náà nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn lẹ ó máa gbọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ìwé òyìnbó tó kà ní kékeré, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn tó ń jẹ́ Fídè, ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á rò pé ohun tó ń sọ ni pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdajì dáadáa kó tó sọ ibi tó ń lọ gan-an: pé àléébù irú ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé irọ́ ni, pé kò pé ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín irọ́ àti ohun tí kò pé. Tálákà ni ilé Fídè lóòótọ́, ìyá Adichie tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un kò purọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé wọ́n tún mọ iṣẹ́ ọwọ́.

Atẹ̀wé gbé bí ojú ìwé mẹ́fà wá fún mi. Kò sí àṣìṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, gbólóhùn yẹn sì wà níbẹ̀, àmọ́ ó sin sáàárín àwọn yòókù bí abẹ́rẹ́ nínú koríko. Èmi fúnra mi ló tún jókòó wá a. Ohun tí mo sanwó fún ni títẹ̀, iṣẹ́ àkópọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.

Tẹni kejì dùn ún kà. Ó ní àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì parí rẹ̀ pé Adichie "fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí òyìnbó ń sọ nípa Áfíríkà." Ó ti já sínú ọ̀fìn náà. Ó tún kọ pé Jọ́ọ̀nù Lọ́ọ̀kì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló pe àwa adúláwọ̀ ní ẹranko. Oníṣòwò ará Lọ́ńdọ̀nù ni olùsọ̀rọ̀ pè é, tó ní ó wọkọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní 1561. Ọdún 1632 ni wọ́n tó bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ń rò yẹn. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọdún kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí atúdìí-ọ̀rọ̀ kọ, mo gé e díẹ̀:

"Adichie sọ pé bí a bá ń gbọ́ ìtàn kan ṣoṣo nípa àwọn èèyàn, ojú kan náà la ó máa fi wò wọ́n, àléébù ojú náà sì ni pé kò pé, kì í ṣe pé irọ́ ni. Ẹ̀rí rẹ̀, ìrírí tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ipò òṣì nìkan ló mọ̀ mọ́ ilé Fídè títí ó fi rí apẹ̀rẹ̀ ráfíà aláràbarà tí arákùnrin Fídè hun. Ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá ní Amẹ́ríkà rò pé kò mọ sítóòfù lò. Òun náà jẹ̀bi: ìròyìn nípa àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà ló fi mọ àwọn ará Mẹ́síkò, títí ó fi dé Guadalahárà, tó rí wọn tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti fi ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó hàn, ó ka ohun tí oníṣòwò kan kọ ní 1561, pé ẹranko tí kò nílé ni wá."

Ẹ wo "ìrírí tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀." Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe sanwó lọ́kàn balẹ̀. Olùkà mọ̀ pé ìtàn ni ẹ̀rí náà, kì í ṣe ìwádìí tí wọ́n kà níye, yóò wá fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo "sọ pé" tó fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín "ó sọ pé" àti "ó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé," ọ̀nà jìn ju Ìkòròdú sí Àgbàrá lọ, èmi sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo fi ń mọ ẹni tó gbọ́ ohùn tán yàtọ̀ sí ẹni tó fò ó.

Atúdìí-ọ̀rọ̀ náà ní àléébù tiẹ̀ o. Bí ẹ bá fún un ní ohùn nìkan, tí olùsọ̀rọ̀ sì ń nawọ́ sí àwòrán lára ògiri pé "ẹ wo èyí," ẹ̀rí yẹn ti sọnù nìyẹn. Fídíò ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kì í sì í yá. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ ní Ọjọ́rú, ẹ ti gbọ́dọ̀ fún un níṣẹ́ láti òpin ọ̀sẹ̀.

Bí owó kò bá tó, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: èmi á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, màá kọ ìṣẹ́jú tí olùsọ̀rọ̀ sọ kókó rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, màá wá ní kí atẹ̀wé tẹ àwọn ibẹ̀ nìkan. Ojú ìwé kan àbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ tẹni kejì, torí òde ìgbéyàwó tàbí ìwúyè, ẹ gbà á, ó mọ iṣẹ́ yẹn. Ti àpérò, ẹ bi í kí ẹ tó sanwó pé ìṣẹ́jú wo ni olùsọ̀rọ̀ sọ kókó rẹ̀. Èyí tí mo bi kẹ́yìn dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n padà lọ gbọ́ ọ ná."